Gáùn aǹkárá tuntun ti jáde: ẹ fi téèpù wọn ara yín kí ẹ tó yan sáìsì

Aránṣọ Pẹ́káàmù: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aṣọ tí mo ti ń pariwo ẹ̀ ti dé: gáùn gígùn, gáùn tó mọ orúnkún, àti bùbá pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 1 sí 14 oṣù kẹsàn-án ni mo fi ń gba owó. Lọ́jọ́ 15, ẹ̀gbọ́n mi á wọ Balógun, á ra gbogbo ọ̀pá tí a bá kà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má bẹ̀ mí lẹ́yìn ìyẹn, torí iṣẹ́ ara aǹkárá tó bá tán lọ́jà, ó lè má padà wá mọ́. Ìparí oṣù kẹwàá ni mo máa fi ránṣẹ́. Sáìsì 8 dé 22, ti ìlú ọba níbí.

Àǹtí Hústọ̀n: Ẹ kọ 12 sílẹ̀ fún mi. 12 ni mo ń wọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Aránṣọ Pẹ́káàmù: Àǹtí mi, 12 ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ sókè, ẹ wọn àyà, ìbàdí àti ìdí níbi tó ti tóbi jù.

Àǹtí Hústọ̀n: Àyà 41, ìbàdí 34, ìdí 44.

Aránṣọ Pẹ́káàmù: 16 tèmi nìyẹn. 12 tẹ́ ẹ ní kí n kọ, àyà 37 ló wà fún. Síìpù ò bá má gòkè rárá.

Bọ̀dá Dọ́blìn: Aǹkárá kì í fà o. Kí gbogbo èèyàn fi ínṣì méjì kún tiwọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Bí ìyàwó mi ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Aránṣọ Pẹ́káàmù: Òótọ́ ni pé kì í fà, ṣùgbọ́n mo ti fi ínṣì méjì sílẹ̀ nínú rírán. Tẹ́ ẹ bá tún fi méjì kún un, àpò ìrẹsì lẹ máa wọ̀. Bí ara yín ṣe rí gan-an ni kẹ́ ẹ kọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́. Èló ni aṣọ ẹbí fún èèyàn 40? Ọjọ́ìbí ọkọ mi ni.

Aránṣọ Pẹ́káàmù: Èyí kì í ṣe aṣọ ẹbí, Màmá. Ẹ wá sí inbọ́ọ̀sì.

Màmá Aránṣọ: Ọmọ mi, ṣé o máa ń rẹ aǹkárá sómi kó o tó gé e?

Aránṣọ Pẹ́káàmù: Bẹ́ẹ̀ ni mà. Omi tútù, mọ́jú. Èyí tí mo wọn lẹ́yìn tó gbẹ, ínṣì kan ló yọ nínú ọ̀pá kan. Tí mi ò bá rẹ ẹ́, ara oníbàárà ló máa sún kì sí.

Màmá Aránṣọ: Ó dáa, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ á lọ pẹ̀lú omi. Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ránṣọ, mi ò rẹ ọ̀kan rí. Mo máa ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, kí wọ́n lè tú u.

Aránṣọ Pẹ́káàmù: Àwọn tèmi ò lẹ́ni tó máa bá wọn tú u níbí, Mà.

Àǹtí Hústọ̀n: Ẹ kọ 16. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.