Ọ̀nà mẹ́ta, òṣùwọ̀n mẹ́rin: báwo ni kí n ṣe gbé e síwájú ìgbìmọ̀?

Akọ̀wé Ìpàdé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta tí ilé-iṣẹ́ wa ní ti gbó. Ìgbìmọ̀ alákòóso ní kí n kọ ìwé tí wọ́n máa fi yan ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta: ká tún àwọn ọkọ̀ náà ṣe, ká ra tuntun, tàbí ká gbé iṣẹ́ náà fún akẹ́rù ìta.

Ní ìpàdé tó kọjá wọ́n fẹnu kò sórí òṣùwọ̀n mẹ́rin, wọ́n sì pín ìwọ̀n 100 sáàárín òṣùwọ̀n wọ̀nyí. Ìnáwó ọdún 5 gba 40, kí ẹrù dé lásìkò gba 30, bó ṣe máa yá tó láti bẹ̀rẹ̀ gba 20, ìrọ̀rùn láti yí padà bí iṣẹ́ bá dínkù gba 10. Mo fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 5, mo sọ máàkì di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, mo wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí mo ṣe to òṣùwọ̀n yẹn lókè ni máàkì ṣe tẹ̀ léra níbí:

Títún ṣe: 4, 2, 5, 4. Àpapọ̀ 360.
Ríra tuntun: 2, 5, 2, 1. Àpapọ̀ 280.
Akẹ́rù ìta: 3, 4, 4, 5. Àpapọ̀ 370.

Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé akẹ́rù ìta ló borí. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ìgbìmọ̀ ò tíì rí máàkì wọ̀nyí o.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn: Ẹ ra tuntun, ọ̀rẹ́ mi. Ọkọ̀ tó ti gbó, bí ẹ bá tún ẹ́ńjìnnì ṣe lónìí, jíà á dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Mo ti sùn sójú títì rí nítorí irú ẹ̀.

Akọ̀wé Ìpàdé: Ẹ ṣeun sà. Ìyẹn gan-an ni mo fi fún títún ṣe ní 2 péré lórí dídé lásìkò. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo máa yàn. Bí mo ṣe máa tò ó fún àwọn tó máa yàn ni mò ń béèrè.

Oníṣirò: 370 ju 360 lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwọ̀n tí ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí, a kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Tó o bá yí i, wọ́n á ní ẹnì kan lo ń ṣiṣẹ́ fún. Kọ ohun tí ìṣirò sọ, kí o jókòó.

Ìyá Àgbà Ìgbìmọ̀: Oníṣirò, òótọ́ ni pé kò gbọdọ̀ yí ìwọ̀n ní bòókẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Akọ̀wé, mú 5 kúrò lára dídé lásìkò, kí o fi kún ìnáwó. Títún ṣe á di 370, akẹ́rù ìta á di 365. Ẹni tó wà níwájú ti di ẹni ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ta ló lè búra pé 40 ni ìnáwó yẹ kó gbà, tí kì í ṣe 45? Ìyàtọ̀ 10 yẹn kò tó ohun tí wọ́n ń pè ní "borí". Ohun tó dájú ni pé ríra tuntun kò sún mọ́ wọn. Gbìyànjú rẹ̀: fún dídé lásìkò ní 65, ìnáwó 20, yíyára bẹ̀rẹ̀ 10, yíyí padà 5. Ìgbà yẹn ni tuntun máa tó fi 390 lé 385 ti akẹ́rù ìta kọjá. Kọ ìyẹn fún wọn, nítorí ó fi bí ọ̀rọ̀ ṣe dúró hàn wọ́n ju àpapọ̀ lásán lọ.

Wàyí o, kí ni iye gidi tó wà lábẹ́ máàkì rẹ? 4, 3, 2 lórí ìnáwó, láti ibo?

Akọ̀wé Ìpàdé: Tí a bá pe ìnáwó títún ṣe ní 100, akẹ́rù ìta jẹ́ 106, tuntun jẹ́ 112. Lórí dídé lásìkò, nínú ẹrù 100, títún ṣe á mú 72 dé lásìkò, akẹ́rù ìta 88, tuntun 95. Inú ìwé ìgbẹ́rù wa ni mo ti mú ti tiwa, títí kan ìgbà tí ọkọ̀ ṣì jẹ́ tuntun. Lẹ́tà akẹ́rù fúnra rẹ̀ ni 88 ti wá.

Ìyá Àgbà Ìgbìmọ̀: Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dé. Láti 112 sí 100, o fi máàkì 2 ya ìnáwó sọ́tọ̀, ìyẹn 80 nínú àpapọ̀. Láti ẹrù 72 sí 95, o fi máàkì 3 yà á sọ́tọ̀, ìyẹn 90. Àtẹ rẹ ń sọ fún ìgbìmọ̀ pé ìnáwó tó fi 12 dínkù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹrù 23 tí kò ní pẹ́ mọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́kàn wọn, bóyá kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń pín 100, "owó ṣe pàtàkì" ni wọ́n ń rò, wọn ò tíì rí bí àlàfo owó ṣe kéré tó. Ká ní gbogbo ọ̀nà ná iye kan náà ni, 40 yẹn ì bá má ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ rárá.

Nítorí náà, kí o tó fi àtẹ hàn wọ́n, bi wọ́n láìdárúkọ ọ̀nà kankan: "Ìnáwó tó fi 12 wálẹ̀ nínú 112, àti ẹrù 23 sí i tó ń dé lásìkò nínú 100, èwo ló wúlò fún wa jù?" Kí akọ̀wé mìíràn kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Bó bá bá 80 sí 90 tí àtẹ rẹ ń sọ mu, ó dáa. Bí kò bá bá a mu, àwọn fúnra wọn ló máa yí ìwọ̀n, ní gbangba.

Oníṣirò: Mo gbà pé ìyàtọ̀ 10 kéré, mà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé ọkọ̀ tuntun ló ń dé lásìkò jù á ti mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ń lọ, kódà tẹ́ ò bá dárúkọ. Ẹ kàn ṣílẹ̀kùn fún un láti fi ìwọ̀n wá ohun tó ti fẹ́ tẹ́lẹ̀ ni.

Ìyá Àgbà Ìgbìmọ̀: Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní oògùn tó wo ìyẹn sàn. Mo kàn mọ̀ pé ìjà ìwọ̀n tí gbogbo ìgbìmọ̀ gbọ́ sàn ju èyí tó fara pamọ́ sínú máàkì lọ.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ṣe ohun tí mo kábàámọ̀ lórí irú ìwé yìí. Ọ̀gá mi ti mọ ohun tó fẹ́, ó wá ní kí n wá ọ̀nà méjì mìíràn tí kò lè dúró, kí tirẹ̀ lè tàn. Mo kọ wọ́n. Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ bi mí pé, "Tí ọ̀nà tó wù yín bá yẹ̀, èwo nínú méjì yìí lẹ máa ṣe ní tòótọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìwé tí mo bá gbé wá ni wọ́n ń tú wò lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé, bi ara rẹ ní ìbéèrè yẹn lórí tuntun tó gba 280.

Akọ̀wé Ìpàdé: A lè rà á, mà. Alága gan-an ló dá a lábàá. Mo sì ti rí àṣìṣe kan báyìí: èmi nìkan ni mo fi máàkì, bẹ́ẹ̀ 88 akẹ́rù ìta jẹ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Tó bá jẹ́ 80 gan-an, máàkì 3 ló yẹ ẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ á wá di 340, títún ṣe ló máa wà níwájú. Mo máa pe méjì nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́la kí n bi wọ́n. Màá ní kí alábòójútó ọkọ̀ àti akápò fi máàkì tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó rí tèmi.

Ohun tó kù ni ọ̀gá mi. Ó ṣì fẹ́ kí n kọ ìmọ̀ràn sójú ewé àkọ́kọ́.

Oníṣirò: Kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ tó kàwé láìrí ìmọ̀ràn á sún ìpinnu sí oṣù tó ń bọ̀.

Ìyá Àgbà Ìgbìmọ̀: Èmi ò ní kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn àtẹ ni màá fi sí, màá sì sọ ohun tó lè mú kí n yí ohùn padà, bíi 88 yẹn.