Gbèdéke àtakò owó orí ti kọjá mi, kí ni kí n kọ sí wọn?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fún mi láti ta ko owó orí tí wọ́n bù fún mi. Ọjọ́ kẹwàá ni mo wọ ọsibítù, mo sì lo ọjọ́ 25 níbẹ̀. Mo tún fi ọjọ́ 9 wá rìsíìtì lẹ́yìn tí mo délé (ẹ̀bi tèmi nìyẹn). Mo ti kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ìwé dókítà wà lára rẹ̀. Ṣé kí n fi àtakò náà gan-an sí i lẹ́ẹ̀kan náà, àbí kí n dúró kí wọ́n kọ́kọ́ gbà? Ọjọ́ 9 yẹn ńkọ́, ṣé kí n ṣàlàyé òun náà? Apá tí mi ò bá wọn jiyàn lé lórí, ṣé kí n ti san án, kí èlé má baà gun orí rẹ̀?