Àbọ̀ lórí owó ìrìnàjò iṣẹ́: ọ̀gá ti buwọ́ lù ú, ó ku ẹyọ kan

Ìbéèrè mi: “Ọ̀gá dá ìwé owó ìrìnàjò mi padà, ó ní òun ò mọ rìsíìtì tó jẹ́ ti èwo. Báwo ni kí n ṣe tò ó?”

Ẹ ṣé o. Ẹni tó ní kí n fi nọ́ńbà sí rìsíìtì ló yanjú ẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà sí igun ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó ya fọ́tò ẹ̀, mo wá ṣe tábìlì ojú ewé kan: nọ́ńbà, ọjọ́, ohun tí mo sanwó fún, bó ṣe kan iṣẹ́, iye. Àpapọ̀ ló wà lókè, torí òun ni ọ̀gá kọ́kọ́ ń wá.

Ti òtẹ́ẹ̀lì gba àlàyé. Owó ìfọṣọ wà nínú rìsíìtì kan náà, ilé iṣẹ́ wa kì í sì í san ìyẹn. Mo kọ iye orí rìsíìtì, mo yọ owó ìfọṣọ kúrò, mo wá kọ èyí tó kù. Láìṣe bẹ́ẹ̀, tábìlì àti rìsíìtì ò ní bára mu.

Ẹni tó sọ pé àkọsílẹ̀ báńkì lè dípò rìsíìtì, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló bọ́ sí i. Ọ̀gá gbà á fún takisí, torí mo kọ ibi tí mo ti wọ̀ ọ́ àti ibi tó gbé mi dé. Kò gbà á fún oúnjẹ: ó fi hàn pé owó jáde, kò sọ ohun tí mo rà.

Rìsíìtì oúnjẹ kan tí lẹ́tà orí ẹ̀ ti parẹ́ ló kù. Mo ti béèrè ẹ̀dà, wọn ò tíì fèsì. Ìyókù ti wà lọ́dọ̀ akápò.