Ẹ̀jẹ̀ ń bá ikọ́ ọkọ mi jáde: ẹ̀gbẹ́ wo ni kó fi dùbúlẹ̀?

Ìyá Àyọ̀ká: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Bíríkìlà ni ọkọ mi, ẹni ọdún 46 ni, Ìbàdàn la wà. Ikọ́ ife ṣe é lọ́dún 2019, ó lo oògùn oṣù mẹ́fà pé, wọ́n sì ní ó ti sàn. Àmọ́ láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí kì í tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki, tó ní àwọ̀ ewé. Nírọ̀lẹ́ yìí ló wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń hó ló jáde. Mo fi ife tíì gbà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, ó sì ti tún tu òmíràn. Ó ní apá ọ̀tún àyà òun ń gbóná, nǹkan sì ń dún níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ọ̀tún lè sinmi. Aládùúgbò wa náà gbé oògùn ikọ́ ife tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ wá.

Bàbá Ìbejì: Ikọ́ ife ló padà dé, ìyàwó wa. Ó máa ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró títí yóò fi kan iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn lálẹ́ yìí.

Màmá Ṣadé: Irú rẹ̀ ṣe ìyá mi, ọgbẹ́ inú ni wọ́n bá níbẹ̀. Ṣé ó jẹ ata púpọ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Fẹ́mi: Ìyá Àyọ̀ká, ẹ wá mọ́tò báyìí. Tẹ́ ò bá rí, ẹ pe 112. Ẹ̀jẹ̀ tó ju ṣíbí mélòó kan lọ kì í ṣe ohun tí à ń fi ilé wò.

Ẹ má jẹ́ kó fi òsì dùbúlẹ̀. Ọ̀tún tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni kó wà nísàlẹ̀. Tó bá fi òsì lélẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọ̀tún á ṣàn kọjá sínú ẹ̀dọ̀fóró òsì tí ó ṣì ń mí dáadáa. Kì í sábà jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tán lára ló ń pa wọ́n, ọ̀nà èémí ló ń dí. Àwọn ọ̀nà èémí ńlá inú àyà kò gbà ju bíi 150 mìlílítà lọ, ìdajì ife yín sì ti ń sún mọ́ ọn. Bí kò bá lè mí nídùbúlẹ̀, kó jókòó, kó tẹ̀ síwájú, kó tẹ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀.

Kó máa tu ú, kó má gbé e mì. Ẹ má fún un ní oògùn tó ń dá ikọ́ dúró tàbí èyí tó ń múni sùn, nítorí ikọ́ yẹn ló ń lé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́nà. Kó má jẹun, kó má mu nǹkan, bóyá wọn á fẹ́ fi kámẹ́rà wo ọ̀nà èémí rẹ̀. Ẹ gbé ife náà dání, kí wọ́n rí bó ṣe pọ̀ tó. Tó bá ń lo ásípírìn, ẹ sọ fún wọn. Kí ẹni tó dì í mú bo imú àti ẹnu, kí ẹ sì ṣí wíńdò mọ́tò sílẹ̀.

Màmá Ṣadé, ẹ̀jẹ̀ tó ti inú wá máa ń dúdú, oúnjẹ á dà pọ̀ mọ́ ọn, èébì ló sì ń bá jáde. Èyí pupa, ó ń hó, ikọ́ ló gbé e wá.

Ìyá Àyọ̀ká: A ti wà nínú mọ́tò, ó tẹ̀ sápá ọ̀tún. Ètè rẹ̀ kò tíì yí àwọ̀.

Bàbá Ìbejì: Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Fẹ́mi, kí ló burú nínú ohun tí mo sọ?

Nọ́ọ̀sì Fẹ́mi: Ẹ̀yin àgbà, ó lè jẹ́ pé ó padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àràárọ̀ yẹn ló ń kọ mí lóminú. Nígbà tí ikọ́ ife bá lọ, àpá tó fi sílẹ̀ máa ń fa ọ̀nà èémí, á fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, kò sì ní padà sípò mọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á máa dúró síbẹ̀, kòkòrò á máa bí sí i, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká á wú. Iṣan wọ̀nyẹn ní agbára gan-an, torí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn jáde ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tú jáde bẹ́ẹ̀. Olú tún lè hù sínú ihò tí ikọ́ ife gbẹ́. Oògùn ikọ́ ife kò ran ìkankan nínú méjèèjì yìí. Tó bá sì jẹ́ ikọ́ ife gan-an, oògùn tí kò pé ń kọ́ kòkòrò láti borí oògùn.

Ìyá Àyọ̀ká: Ẹ kú ọjọ́ kan. Wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì àti oògùn kòkòrò sí i, wọ́n sì wo irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ti dín kù, ṣíbí kan péré ló tu láàárọ̀. Fọ́tò àyà fi àpá hàn lókè ọ̀tún. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀rọ ní òun rí kòkòrò ikọ́ ife, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an.

Nọ́ọ̀sì Fẹ́mi: Ẹ̀rọ yẹn lè rí òkú kòkòrò láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn lára ẹni tó ti gba ìtọ́jú rí. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n ti fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ láti gbin kòkòrò inú rẹ̀, èyí tó wà láàyè nìkan ló máa hù. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá tún pọ̀, ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti ń dí iṣan tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láti inú, kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in.

Ìyá Àyọ̀ká: Wọ́n ti gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń bi mí pé ṣé àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò kí èsì tó dé?