Ṣọ́ọ̀bù Súúrùlérè: ṣé wọ́n tún un yá ni, àbí wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn pátápátá?

Àbẹ̀kẹ́ Ojúẹlẹ́gba
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹnìkan gba ṣọ́ọ̀bù ọdún 5 ní Súúrùlérè, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2022 títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2026. Mílíọ̀nù 2 náírà ló ń san lọ́dún. Ó fẹ́ kó lọ sí Ìbàdàn, aláṣọ kan sì fẹ́ gba gbogbo àkókò tó kù. Wọ́n kọ "sọ́blẹ́ẹ̀tì", ìyẹn títún-yá, gàdàgbà sórí ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú ẹ̀ rí, báwo ló ṣe máa ń parí, ṣé dandan sì ni kí wọ́n gba àṣẹ onílé tó wà nínú àgírímẹ́ǹtì?

Lọ́yà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta
Àkọlé kọ́ ni kóòtù máa wò, ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni. Bí aláṣọ bá máa lò ó títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, kò sí ohun tó kù fún ayálégbé àkọ́kọ́. Asáínmẹ́ǹtì nìyẹn, ìyẹn gbígbé e fún ẹlòmíràn pátápátá, ohun yòówù kí wọ́n kọ sórí ìwé. Ká ní ọjọ́ 21 ni wọ́n ní kí aláṣọ jáde ni, ọjọ́ 10 tó kù ló sọ ọ́ di títún-yá, torí ṣọ́ọ̀bù ṣì máa padà sọ́wọ́ ẹni tó yá a fún un. Ọjọ́ kan péré náà tó.

Ibi tọ́rọ̀ owó wà nìyí. Tó bá jẹ́ títún-yá, onílé ò lè pe aláṣọ lẹ́jọ́ pé kó san owó ilé, torí wọn ò jọ ṣàdéhùn. Ṣùgbọ́n bí aláṣọ bá san mílíọ̀nù 2 fún ẹni àkọ́kọ́, tónítọ̀hún ò sì san tiẹ̀ fún onílé, bí onílé bá gba ṣọ́ọ̀bù, ti aláṣọ bá a lọ nìyẹn, àfi bí kóòtù bá ṣàánú rẹ̀. Tó bá jẹ́ asáínmẹ́ǹtì, aláṣọ ti wọ bàtà ayálégbé, onílé lè bi í ní owó ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kó lọ Ìbàdàn ò tíì bọ́: bí aláṣọ ò bá san, orí rẹ̀ ni onílé ń bọ̀, àyàfi bí onílé bá ti kọ̀wé pé òun ti tú u sílẹ̀.

Àjẹ́ǹtì Yábàá
Ẹ má fòfin dẹ́rù bà wọ́n. Bí onílé bá ti gba owó, ó ti gbà nìyẹn.

Lọ́yà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta
Ó kù díẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Onílé gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé aláṣọ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù kó tó gba owó náà. Bí aláṣọ bá ń fi owó ránṣẹ́ lórúkọ ẹni àkọ́kọ́, tí rìsíìtì sì ń jáde lórúkọ yẹn, kí la fẹ́ fi hàn pé onílé mọ̀?

Alhaji Múṣin
Àláúsá ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n gbàṣẹ Gómìnà.

Lọ́yà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta
Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ló bí ti Gómìnà, Alhaji. Ti onílé inú àgírímẹ́ǹtì ni Àbẹ̀kẹ́ ń bi wá. Ìkan ò lè dúró fún ìkejì.

Ìyá Rísí Balógun
Ẹ jọ̀ọ́, apá ọ̀tún ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fún oníbàtà kan, ó ń san owó fún mi. Ìwé mi ní n kò gbọ́dọ̀ tún ṣọ́ọ̀bù náà yá. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni mo fi yá a. Ṣé mo ti ṣẹ̀ ni?

Lọ́yà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta
Mà, ẹ wò ó bóyá "tàbí apá kankan rẹ̀" wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lè jà á pé apá kan ò sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Ṣùgbọ́n abala 7 Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 2011, ní ayálégbé ò gbọ́dọ̀ tún apá kankan yá láìjẹ́ pé onílé kọ̀wé sí i, àfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan míì. Òfin náà dé Balógun àti Súúrùlérè. Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Fíkítóríà Áílándì ni kò dé. Níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà.

Àbẹ̀kẹ́, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí onílé kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ wọn: ta ni aláṣọ náà, kí ló ń tà, ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo. Kí onílé fọwọ́ sí ẹ̀dà kan padà. Bí ìwé bá sọ pé onílé ò ní kọ̀ láìnídìí, tó wá kọ̀ torí pé ó fẹ́ gba gúdúwìlì, ìdí yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè rárá ti ṣẹ̀, kódà bó bá jẹ́ pé onílé ò bá má lè kọ̀ fún un.

Àjẹ́ǹtì Yábàá
Bó bá jẹ́ pé kiatéká ló rí aláṣọ lójoojúmọ́ ńkọ́, tí onílé wà lókè òkun? Ṣé mímọ̀ kiatéká kì í ṣe mímọ̀ onílé?

Lọ́yà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta
Ó wà lọ́wọ́ agbára tí onílé fún un. Mo ti rí ìwé kiatéká tó kọ "gba owó nìkan", mo sì ti rí èyí tó ní kó máa bójú tó gbogbo nǹkan.

Àbẹ̀kẹ́ Ojúẹlẹ́gba
Wọn ò tíì fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ 31 ló wà nínú ìwé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wò ó ni.