Owó oṣù Abuja àti ti Mánṣẹ́sítà: báwo ni kí n ṣe wọ̀n wọ́n?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Kubwa ni mò ń gbé, ₦650,000 ni mò ń gbà lóṣù. Iṣẹ́ kan yọjú ní Mánṣẹ́sítà, £2,400 lẹ́yìn owó orí. Ká ní ₦2,000 ni pọ́n-ùn kan, ₦4,800,000 nìyẹn, àmọ́ ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ níbẹ̀ á gbé £1,900 lọ.

Mo rí ìṣirò agbára ìrajà ti Bánkì Àgbáyé, èyí tó ń fi ohun tí owó lè rà ní orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn. Ìpíndọ́gba gbogbo Nàìjíríà ni, owó ilé Abuja sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣé £1,900 tí màá ná níbẹ̀ nìkan ni kí n fi í wọ̀n, kí n sì ṣẹ́ £500 tí màá fi ránṣẹ́ sílé ní iye ọjà? Báwo lẹ ṣe ń ṣàtúnṣe ti owó ilé?