Kí la máa pe owó ìsinmi tí òṣìṣẹ́ kò lò kó tó kúrò níṣẹ́?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ kan. Ó ní òṣìṣẹ́ lè gbé ìsinmi ọdọọdún tí kò lò wọ ọdún tuntun, àti pé tó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí wọ́n lé e, wọ́n á san owó rẹ̀ fún un. “Ìsinmi àjẹsílẹ̀” àti “owó ìdágbére” ni mo kọ. Ṣé ó tọ̀nà?

Olùkọ́: Àjẹsílẹ̀ dára lójú tèmi. Ṣebí a máa ń sọ pé owó oṣù àjẹsílẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ jẹ òṣìṣẹ́. Gbèsè ni ìsinmi náà. “Owó ìdágbére” ni mi ò fara mọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó sàn jù ú lọ.

Òṣìṣẹ́ kan: Owó ìsinmi ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ tiwa. Kí á tó lọ líìfù ni wọ́n ń san án. Kí la tún ń wá?

Akọ̀wé owó oṣù: Àbúrò mi, àlékún lèyí tí ẹ ń sọ yẹn. Ẹ ó gbà á, ẹ ó sì tún sinmi. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí kò lè sinmi mọ́, torí iṣẹ́ ti tán. Owó ló rọ́pò ọjọ́. “Owó dípò ìsinmi” ni màá kọ.

Ẹ má bínú, Olùkọ́, àjẹsílẹ̀ lójú méjì. Ẹ wo òṣìṣẹ́ tó ní ọjọ́ 24 lọ́dún, tí kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Ọjọ́ 2 ló ń wọlé fún un lóṣooṣù. Tó bá lọ ní ìparí oṣù kẹfà, ọjọ́ 12 ló ti ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe 24. Bó bá ti lo 7, ọjọ́ 5 ṣẹ́ kù, wọ́n á san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti lo 15 ńkọ́? Ọjọ́ 3 ló ti jẹ ṣáájú iṣẹ́, òun gan-an ló jẹ gbèsè, ilé iṣẹ́ sì lè yọ ọ́ nínú owó ìkẹyìn rẹ̀ bí òfin àti àdéhùn bá fàyè gbà á. Ẹni yìí ni “ìsinmi àjẹsílẹ̀” bá mu. Ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ “ìsinmi àìlò”.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ “ọjọ́ iṣẹ́” síbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má kọ “ọjọ́” lásán. Ká ní owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 66,000, oṣù sì ní ọjọ́ iṣẹ́ 22. Ọjọ́ kan jẹ́ 3,000, ọjọ́ 5 jẹ́ 15,000. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi 30 pín in: ọjọ́ kan di 2,200, ọjọ́ 5 di 11,000. Ìsinmi tí a fi ọjọ́ iṣẹ́ kà, wọ́n fi gbogbo ọjọ́ oṣù díye lé e. Owó òṣìṣẹ́ tó tó 4,000 ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìṣírò náà dà bí èyí tó péye.

“Owó ìdágbére” ló ń dùn mí jù. Ìdágbére jẹ́ ẹ̀bùn. Ẹni tí a bá bínú sí, a kì í ta á lọ́rẹ. Àdéhùn 132 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ti ọdún 1970, ní kí òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ parí gba ìsinmi tó bá iye ìgbà tó fi ṣiṣẹ́ mu, tàbí owó dípò rẹ̀. Kò ní kìkì ẹni tó lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i ló dè ṣá o.

Ìyá oníṣòwò: Wọ́n dá mi dúró níbi iṣẹ́ kan nígbà kan, wọ́n ní owó sọnù lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ 9 tí mi ò lò wọgbó. Ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i?

Akọ̀wé owó oṣù: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ rọ́kún nílé ni, àbí wọ́n fún yín ní ìwé pé iṣẹ́ ti parí? “Dá dúró” ń jẹ́ méjèèjì. Ẹni tó ń rọ́kún ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò tíì sí owó dípò ìsinmi fún un. Bó bá jẹ́ pé wọ́n lé yín, ọ̀pọ̀ òfin kì í jẹ́ kí ẹ̀sùn gba ìsinmi tí òfin fúnra rẹ̀ fún yín, àmọ́ àwọn kan ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ mú èyí tó fi lé e lórí. Ìwé àdéhùn yín ló máa fi hàn.

Olùkọ́: Mo gba “owó dípò ìsinmi”. Fún èyí tó wọ ọdún tuntun, “ìsinmi àsúnsíwájú” ńkọ́?

Akọ̀wé owó oṣù: A lè sún ìsinmi láti oṣù kẹta sí oṣù kẹjọ nínú ọdún kan náà, Olùkọ́. Èyí tó wọ ọdún tuntun sábà máa ń ní gbèdéke tirẹ̀, bí ìparí oṣù kẹta, tí ọjọ́ lè ṣègbé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá lọ ní oṣù kẹfà lè rí i pé wọn kò ka ọjọ́ 5 tó gbé wọlé mọ́ ohun tí wọ́n máa san. Bó bá tọrọ wọn tí ọ̀gá sì kọ̀, kó mú lẹ́tà tó fi tọrọ jáde, torí àwọn òfin kan kò jẹ́ kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣègbé. “Ìsinmi àgbéwọdún” ni mo rò.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yọ “ìdágbére” kúrò, mo sì ti fi “lé” rọ́pò gbogbo “dá dúró”. “Àgbéwọdún” kò tíì dùn létí mi. “Ìsinmi tí a gbé wọ ọdún tuntun” ni màá fi sílẹ̀ ná, bó tilẹ̀ gùn.

Olùkọ́: Kò burú. Àmọ́ kì í ṣe orúkọ nìyẹn, gbólóhùn ni. Mo ṣì ń rò ó.